Ìdá Mẹ́wàá Tí Kò Bá Ẹnikẹ́ni Mu

Àǹtí mi kan ń ta èlò ìránṣọ ní Òṣogbo: òwú, bọ́tìnnì, síìpù, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, ó rí owó díẹ̀ gbà lórí ilẹ̀ kan tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó pinnu pé òun kò ní da owó náà sínú ọjà, kí ó má baà bá àwìn lọ. Ó lọ sí báńkì láti fi ra tírẹ́ṣúrì bíìlì. Báńkì fún un ní ìwé kan tí wọ́n to ìṣirò sí: iye tí yóò san, iye tí yóò gbà lọ́dún tó ń bọ̀, èlé tó wà láàárín méjèèjì, àti ìlà kan nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "owó-orí" sí. Ó ya fọ́tò ìwé náà, ó fi í ránṣẹ́ sí mi, ó sì pè mí.

"Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé. Ṣebí wọ́n ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju 800,000 náírà lọ lọ́dún kò san owó-orí mọ́? Kí wá ni èyí tí wọ́n fẹ́ yọ yìí?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó, mà." Mo wò ó títí. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un nípa 800,000 náírà tọ́ pẹ̀lú. Owó tí báńkì kọ síbẹ̀ náà bá òfin mu. Bí nǹkan mẹ́ta tó tọ̀nà ṣe lè pàdé kí obìnrin kan sì pàdánù owó tí kò jẹ, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí tírẹ́ṣúrì bíìlì jẹ́. Ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba ń yá owó lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ 91, ọjọ́ 182 tàbí ọjọ́ 364. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ló ń bá ìjọba ta á. Wọn kì í san èlé rẹ̀ bí ẹni san owó oṣù. Ẹ ó ra ìwé náà ní iye tó kéré sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára, nígbà tí ọjọ́ bá sì pé, wọn yóò san odindi iye ara ìwé fún yín. Ohun tó wà láàárín iye tí ẹ san àti iye tí ẹ gbà ni èlé yín.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó-orí kò kan èlé yẹn rárá. Nígbà tí wọ́n tún òfin owó-orí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe ní ọdún 2011, wọ́n yọ èlé orí bọ́ǹdì àti ti ìwé gbèsè onígbà kúkúrú kúrò nínú ohun tí a ń san owó-orí lé lórí. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fún àwọn iléeṣẹ́ lórí tírẹ́ṣúrì bíìlì, ti wọn sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ti ẹnìkọ̀ọ̀kan bíi tèmi àti tìrẹ kò ní gbèdéke. Ìdí nìyẹn tí a fi mọ́ ọn lára láti máa wo iye èlé tí wọ́n bá kéde, kí a sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ni yóò wọ àpò wa.

Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti ọdún 2025 ló yí i padà. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Òfin ọdún 2011 lọ, ààbò tí ó fún tírẹ́ṣúrì bíìlì sì bá a lọ. Bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ nìkan ni a lè tọ́ka sí pé ó ṣì jókòó sí ààyè rẹ̀: èlé rẹ̀ kò ní owó-orí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Iléeṣẹ́ Owó-orí Àpapọ̀ ti kọ̀wé sí àwọn báńkì àti àwọn alágbàtà pé kí wọ́n máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lára èlé ìwé gbèsè onígbà kúkúrú kí wọ́n tó san án fún onílé owó.

Ìdá 10 yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó ń fi owó pamọ́. Bí ẹ bá ní owó tí ẹ dè mọ́lẹ̀ ní báńkì fún oṣù mẹ́fà, iye kan náà ni wọ́n ń yọ lára èlé rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìpín nínú iléeṣẹ́ kan, tí iléeṣẹ́ náà sì kéde náírà méjì lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní ìpín 10,000 kì í gba 20,000 náírà. 18,000 ni yóò wọ àkáùǹtì rẹ̀. Ti ìpín èrè tilẹ̀ tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé owó-orí ti kọ́kọ́ kan án kí ó tó di ìpín. Nínú 100 náírà èrè iléeṣẹ́ ńlá, ìjọba á kọ́kọ́ mú 30 gẹ́gẹ́ bí owó-orí iléeṣẹ́. Bí wọ́n bá pín gbogbo 70 tó kù, wọn yóò tún yọ 7 níbẹ̀, 63 ni yóò dé ọwọ́ onípìn-ín. Ti èlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó-orí kan èlé, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á sì ni. Nítorí náà, èlé tírẹ́ṣúrì bíìlì ni n ó dúró tì nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì mọ bí wọn yóò ṣe ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé Àǹtí mi ṣe é. Mo yan èlé 16% fún àpẹẹrẹ, kí ìṣirò lè rọrùn. Àwọn oṣìṣẹ́ ọjà owó ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n fi ń kéde rẹ̀: orí iye ara ìwé ni wọ́n ti ń ṣírò, kì í ṣe orí iye tí ẹ san. Ìwé mílíọ̀nù kan náírà fún ọjọ́ 364 ní 16% yóò ní èlé 159,562 náírà. Wọn yóò yọ ìyẹn kúrò nínú mílíọ̀nù kan, iye tí Àǹtí mi yóò san yóò sì jẹ́ 840,438. Ẹ wò ó dáadáa: owó tó kó sílẹ̀ jẹ́ 840,438, èyí tó jèrè lórí rẹ̀ sì jẹ́ 159,562. Bí ẹ bá pín èrè náà sí orí owó tó kó sílẹ̀, kì í ṣe 16% mọ́, ó ti di bíi 19%. Èyí ni èrè òtítọ́ ìwé náà, òun sì ni a gbọ́dọ̀ fi wé èrè ibòmíràn.

Owó-orí tí báńkì kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé jẹ́ 15,956 náírà, ìdá mẹ́wàá nínú èlé. Ìyẹn tọ̀nà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò nìyẹn: kí ẹ yọ iye tí ẹ san kúrò nínú iye ara ìwé, kí ẹ pín ìyókù sí ọ̀nà mẹ́wàá. Bí owó-orí tí wọ́n kọ bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn lọ, ẹ béèrè. Orí èlé ni owó-orí wà, kì í ṣe orí owó tí ẹ kó sílẹ̀, kì í sì í ṣe orí mílíọ̀nù kan.

Lẹ́yìn ìyọkúrò yẹn, 143,606 náírà ni yóò kù fún Àǹtí mi. Èrè 19% ti di bíi 17%. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dúró síbẹ̀. Wọn yóò ní, ó dáa, ìjọba ti mú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ.

Ìdá mẹ́wàá yẹn kì í ṣe owó-orí Àǹtí mi. Owó tí wọ́n gbà sílẹ̀ de owó-orí ni. Ìwé tí Iléeṣẹ́ Owó-orí kọ sí àwọn báńkì sọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí i kà sí owó tó ti san tẹ́lẹ̀, àfi níbi tí òfin bá ti sọ pé ìyọkúrò náà ni òpin. Owó-orí ẹnìkọ̀ọ̀kan gan-an wà nínú àtẹ mìíràn, èyí tí a fi ń ṣírò gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún kan. Ẹ wo àtẹ náà. 800,000 àkọ́kọ́, òfo. 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé ìyẹn, 18%. Lẹ́yìn náà ó di 21%, ó di 23%, títí tí yóò fi kan 25% fún owó tó bá ré kọjá àádọ́ta mílíọ̀nù.

Ẹ wá 10% nínú àtẹ náà fún mi. Kò sí i. Kò sí ìpele kankan tí wọ́n ti ní kí ènìyàn san ìdá mẹ́wàá. Èyí ni pé ìdá mẹ́wàá tí báńkì ń yọ pọ̀ jù fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, ó sì kéré jù fún ẹni tí tirẹ̀ pọ̀. Aṣọ kan ṣoṣo tí wọ́n rán fún gbogbo ìlú ni. Bí kò bá fún ọ lọ́rùn, á tú ọ lẹ́sẹ̀.

Ẹ gbé ti Àǹtí mi yẹ̀ wò. Èrè ọjà rẹ̀ kò ju 480,000 náírà lọ lọ́dún kan lẹ́yìn tí ó bá ti san owó ìsọ̀. Bí ẹ bá fi èlé 159,562 kún un, ó di 639,562. Kò tíì dé 800,000. Owó-orí tó jẹ ìjọba jẹ́ òfo, ṣùgbọ́n 15,956 ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti òfin, owó yẹn ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó lè béèrè rẹ̀ padà.

Ẹ wá gbé tèmi yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni mò ń ṣe, mi ò ní ọ̀gá, nítorí náà èmi ni mo ń ṣírò owó-orí mi fúnra mi. Ká ní lẹ́yìn gbogbo ìyọkúrò tí òfin fàyè gbà, iye tí n ó san owó-orí lé lórí jẹ́ bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Ìpele 18% ni mo wà. Bí mo bá ra ìwé kan náà tí Àǹtí mi rà, èlé mi jẹ́ 159,562, owó-orí tó tọ́ sí i jẹ́ 28,721. Báńkì ti yọ 15,956. Ó ku 12,765 tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un fúnra mi nígbà tí mo bá ń jábọ̀. Ohun tó kù fún mi nínú èlé náà jẹ́ 130,841, kì í ṣe 143,606 tí ìwé báńkì fi hàn mí. Èrè mi ti wálẹ̀ láti 19% sí nǹkan bíi 15.6%.

Ìyàtọ̀ yìí lè mú kí ènìyàn yan ohun tí kò yẹ. Ọ́fíìsì Àmójútó Gbèsè máa ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ lóṣooṣù, ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá ní 5,000 náírà pàápàá lè bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé rẹ̀, owó-orí kò sì kàn án. Ká ní èlé tirẹ̀ náà jẹ́ 16%. Bí mo bá kó 840,438 kan náà sínú rẹ̀, n ó gba 134,470 lọ́dún kan. Ẹni tó bá dúró sórí ìdá mẹ́wàá báńkì yóò fi 134,470 wé 143,606, yóò sì sọ pé tírẹ́ṣúrì bíìlì ló dára jù. Ẹni tó bá ṣírò dé òpin yóò fi 134,470 wé 130,841, yóò sì rí i pé fún òun, bọ́ǹdì ló lérè jù. Ṣùgbọ́n fún Àǹtí mi, bíìlì ló ṣì dára jù, pàápàá tí ó bá rí 15,956 rẹ̀ gbà padà. Ìwé méjì kan náà, ọjọ́ kan náà, ìdáhùn méjì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ibi báyìí ni kí ẹ kó owó sí, tí kò kọ́kọ́ béèrè ìpele owó-orí tí ẹ wà, kò tíì mọ ohun tó ń sọ.

Ohun kan wà tí ìṣirò yẹn kò fi hàn. Bọ́ǹdì ọdún méjì, ọdún méjì ni. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé gbọ́dọ̀ tà á fún ẹlòmíràn ní ọjà ìdókòòwò, iye tí ọjà bá sì gbà lọ́jọ́ náà ni yóò gbà. Bí èlé bá ti gòkè láàárín kan, ó lè gba ohun tó kéré sí èyí tó fi sílẹ̀. Nítorí náà, owó ilé-ìwé ọmọ tí ẹ ó san ní oṣù Kẹsàn-án kò yẹ kí ó wà nínú bọ́ǹdì, bó ti wù kí owó-orí rẹ̀ jẹ́ òfo tó.

Mo padà sọ́dọ̀ Àǹtí mi. Mo ṣàlàyé fún un pé owó rẹ̀ kò sọnù, pé ó lè gbà á padà. Ó bi mí pé, "Báwo?" Bí mo ṣe ń ka ohun tí yóò ṣe fún un, ohùn tèmi gan-an ń rẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́, nọ́ńbà owó-orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára àkáùǹtì rẹ̀. Òfin tuntun ti mú un rọrùn, nítorí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè tí gbogbo wa tò gbà ni ó ń dúró fún nọ́ńbà owó-orí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n báńkì gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ìyọkúrò náà. Bí wọn kò bá so ó mọ́ ọn, owó á lọ sápò ìjọba láìsí orúkọ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni àdírẹ́sì. Owó-orí ẹnìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Èkó ni Àǹtí mi ti ṣí àkáùǹtì yẹn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kò sì yí àdírẹ́sì padà láti ọdún yìí wá. Bí báńkì bá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, kí ni yóò wá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí ní Ọ̀ṣun? Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ tún ìyẹn ṣe kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ẹ̀kejì, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ báńkì, tó fi èlé hàn ní odindi, tó fi iye tí wọ́n yọ hàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì lórí fóònù kò tó, nítorí iye tó wọlé nìkan ló máa ń fi hàn. Bákan náà ni fún ìpín èrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ 18,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tó wọlé, nígbà tó jẹ́ pé 20,000 ni wọ́n jèrè, tí 2,000 sì ti lọ. Ẹni tó bá kọ iye tó kù nìkan sílẹ̀ ti sọ ẹ̀rí owó tó san nù pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, ó gbọ́dọ̀ fi ìjábọ̀ gbogbo owó tó wọlé fún un ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ rẹ̀: èrè ọjà, èlé, gbogbo rẹ̀. Ìjábọ̀ yẹn ni yóò fi hàn pé owó-orí rẹ̀ jẹ́ òfo àti pé wọ́n ti gba 15,956 lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí ìyẹn ni yóò dúró láti béèrè owó rẹ̀.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Owó ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pípa ìsọ̀ tì lọ́jọ́ mẹ́ta, nítorí 15,000? Kí wọ́n máa jẹ ẹ́."

Gbólóhùn yẹn, "kí wọ́n máa jẹ ẹ́," ni ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa gbọ́. Òfin sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju 800,000 lọ kò san nǹkan kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó owó náà jọ sọ pé yóò kọ́kọ́ san án, yóò sì wá gbà á padà tí ó bá lè. Ẹni tó ní akọ̀wé owó-orí yóò gba gbogbo náírà rẹ̀ padà. Ẹni tí wọ́n dìídì torí rẹ̀ kọ òfo sínú àtẹ náà ni yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ẹni tó ní 840,000 láti kó sílẹ̀ kì í ṣe tálákà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òfin ń wọ̀n nìyẹn. Owó tó ń wọlé ni owó-orí yìí ń wò, kì í ṣe owó tó wà nílẹ̀. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọkọ fi sílẹ̀ fún opó, tó sọ di owó kí ó má baà bàjẹ́, kò sọ ọ́ di olówó. Àwọn mìíràn yóò ní bí wọ́n bá dá ìyọkúrò dúró fún ẹni kékeré, àwọn ẹni ńlá yóò purọ́ láti sá pamọ́ sí àárín wọn. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, mi ò sì fojú kéré rẹ̀.

Àwọn ibòmíràn ti dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ní Gánà, èlé tí báńkì ilẹ̀ náà bá san fún ẹnìkọ̀ọ̀kan kò ní owó-orí, bẹ́ẹ̀ náà ni èlé orí bọ́ǹdì ìjọba wọn. Orí ìpín èrè ni wọ́n ti ń yọ tiwọn, 8%, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ní Íńdíà, wọ́n ti ń lo fọ́ọ̀mù kan láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹni tí owó-orí rẹ̀ bá jẹ́ òfo yóò kọ ọ̀rọ̀ sí tí yóò sì fún báńkì, kí wọ́n má baà yọ nǹkan kan lára èlé rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ìbátan wa wà, àwọn báńkì máa ń yọ ìdá 20 lára èlé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2016, wọ́n dá ìyọkúrò náà dúró pátápátá.

Mi ò ní kí Nàìjíríà dá a dúró. Ìjọba nílò owó, èmi náà kò sì rí ìdí tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi ní láti san owó-orí lórí òógùn rẹ̀ nígbà tí ẹni tó jókòó jẹ èlé kò san nǹkan kan. Ohun tí mò ń béèrè kò ju fọ́ọ̀mù ojú ewé kan lọ, tí Àǹtí mi yóò kọ ní báńkì lọ́jọ́ tó ń ra ìwé rẹ̀, pé gbogbo owó tó ń wọlé fún òun lọ́dún kò ju 800,000 lọ. Kí báńkì fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sí i. Bí ó bá purọ́, nọ́ńbà kan náà ni yóò tú u fó, nítorí òun ló wà lára gbogbo àkáùǹtì rẹ̀ àti gbogbo ìpín rẹ̀. Ṣebí ìdí tí wọ́n fi sọ nọ́ńbà yẹn di ti owó-orí nìyẹn? Bí ó bá lè ran ìjọba lọ́wọ́ láti mọ ẹni tó jẹ gbèsè, kí ó ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú láti mọ ẹni tí kò jẹ.

Kí ìyẹn tó dé, kí àwọn báńkì fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó béèrè. Kí wọ́n sì dẹ́kun kíkọ "iye tí yóò kù fún yín" sí ìsàlẹ̀ ìwé bí ẹni pé ìdá mẹ́wàá ni òpin. Fún mi, kì í ṣe iye tí yóò kù nìyẹn. Fún Àǹtí mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Àǹtí mi ra ìwé náà. Ó yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà kí ó tó rà á, ó sì gba ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀. Ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ fún òun. Ó wà nínú fáìlì kan náà tí mò ń kó ìwé owó-orí tèmi sí, nítorí pé mo ti sọ fún un pé nígbà tí ọjọ́ ìjábọ̀ wa bá tó, èmi ni n ó kọ tòun pọ̀ mọ́ tèmi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ló ní ọmọ àbúrò tó ń ṣírò owó-orí fúnra rẹ̀.